Náírà Ọdún Wo Nìyí?

Lọ́jọ́ tí Mọ́mì dá mẹ́mò mi àkọ́kọ́ padà, ohun kan ṣoṣo ló fi bírò kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: “Náírà ọdún wo nìyí?” Mo ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi. Mo ti lo odidi ọ̀sẹ̀ méjì lórí mẹ́mò ọ̀hún, gbogbo ìṣirò inú rẹ̀ ni mo sì ti tún ṣe kí n tó fi ránṣẹ́. Àṣé ohun tí mi ò mọ̀ kì í ṣe ìṣirò.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ń ṣe náílọ́ọ̀nù tí àwọn oníléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà fi ń di omi. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é ga ju òpó iná kúkúrú lọ. Hóró róbà la máa ń dà sí i lẹ́nu, iná á yọ́ ọ, irin tó ń yí bíi ti ẹ̀rọ ìlọta á tì í gba ẹnu róbótó kan jáde, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ ẹ sókè bí àpò gígùn tí kò lópin, kó tó di pé rọ́là tẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó sì ká a jọ. Èyí tó gbó jù nínú mẹ́ta tí a ní ti kú, kò sì sí àtúnṣe tó lè jí i mọ́. Ọ̀gá Àgbà ní kí ẹ̀ka owó sọ irú èyí tí òun máa fi rọ́pò rẹ̀ fún òun. Mọ́mì ni olórí ẹ̀ka owó. Orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é nìyẹn, títí kan àwọn tó ju ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, “ìdánwò lo ti ṣe yege, o ò tíì ra nǹkan kan rí.”

Ẹ̀rọ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun láti Ṣáínà: dọ́là 120,000 ni, a sì ní láti fi mílíọ̀nù 30 náírà kún un fún kọ́sítọ̀mù, ọkọ̀ àti gbígbé e dúró. Ẹni tó ń bá wa wá dọ́là nígbà yẹn ń tà á ní náírà 1,000, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 150. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ní Èkó. Náírà lẹni tó ni ín fi dá iye lé e, mílíọ̀nù 90, títí tó fi máa dúró sínú ọgbà wa. Bàbá ẹlẹ́rọ wa, tó ti ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe kí wọ́n tó bí mi, lọ wò ó, ó sì ní yóò ṣe ọdún márùn-ún láìjà. Ọdún márùn-ún náà ni mo fún tuntun. Mo mọ̀ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé tí a bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún, yóò ṣì níye. Mọ́mì ló ní kí n má kọ iye kankan síbẹ̀. Ó ní ohun tí ọkàn mi bá ń fà sí, kí n má gbè é níbi tí mi ò lẹ́rìí.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ nǹkan gidi nìyí, ó sì ṣẹlẹ̀ kí n tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rárá. Ìwé tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sọ iye iná tí ẹ̀rọ lè fà, mo sì ti fẹ́ dà á kọ. Bàbá ẹlẹ́rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ní, “Ọmọ mi, iye tí wọ́n kọ sára ìkòkò kọ́ ni iye ìrẹsì tó wà nínú ẹ̀.” Ó mú mi lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń lo irú tòkunbọ̀ yẹn. Wọ́n jẹ́ ká ka mítà nígbà tí ṣíìfù bẹ̀rẹ̀, a sì kà á nígbà tó parí, a wọn gbogbo náílọ́ọ̀nù tó jáde lórí òṣùwọ̀n. A pín yúnìtì iná sí kílò náílọ́ọ̀nù. Yúnìtì 0.9 ló ń jẹ lórí kílò kan. Ọjọ́ mìíràn, a ṣe bákan náà níbi tí wọ́n ti ń lo irú tuntun, ó jẹ́ 0.5. Òun yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wá rọ̀ mọ́ níkẹyìn.

Kílò 60 ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe ní wákàtí kan. Orí Báǹdì A la wà, níbi tí iná kì í dín ní wákàtí 20 lójúmọ́, a sì máa ń ṣiṣẹ́ 300 ọjọ́ lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ kílò 360,000. Tuntun yóò jẹ yúnìtì 180,000 lọ́dún, tòkunbọ̀ yóò jẹ 324,000. Nǹkan bí náírà 68 là ń san lórí yúnìtì kan nígbà náà, nítorí náà owó iná jẹ́ mílíọ̀nù 12 fún tuntun, mílíọ̀nù 22 fún tòkunbọ̀. Yàtọ̀ sí iná, tòkunbọ̀ máa ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́ jù, pàápàá tí iná bá ṣẹ́jú, tí àpò afẹ́fẹ́ yẹn bá wó lulẹ̀, tí wọ́n ní láti tún un gbé sókè. Lẹ́yìn tí a ti yọ owó róbà, owó òṣìṣẹ́ àti ohun tó ń bàjẹ́ kúrò nínú ohun tí a ń tà, tí a sì yọ owó iná, mílíọ̀nù 80 ni tuntun yóò máa mú wọlé lọ́dún kan, tòkunbọ̀ yóò mú 62. (Mo ti yọ owó orí kúrò nínú ohun tí mò ń sọ níbí kí ọ̀nà má baà dí. Nínú mẹ́mò gangan, ó ní ìlà tirẹ̀.)

Tí ẹ bá wo iye wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé tuntun fi mílíọ̀nù 60 wọ́n ju tòkunbọ̀ lọ, ó sì ń fi mílíọ̀nù 18 mówó wọlé jù ú lọ lọ́dún. Ọdún márùn-ún lọ́nà 18 jẹ́ 90. Ẹni tó bá ń ṣírò bíi ti ọjà lásán á ní kí a ra tuntun, ó tán. Ṣùgbọ́n 60 yẹn ń jáde lónìí, 90 yẹn sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Náírà tí ń bọ̀ kò tó náírà tó wà lọ́wọ́. Báǹkì tí a fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ 77 lónìí, tó fi síbi tó ń so irú èlé bẹ́ẹ̀, náírà 1 ni yóò ní lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, náírà 1 ti ọdún tó ń bọ̀, kọ́bọ̀ 77 ni lónìí. Ti ọdún kejì jẹ́ kọ́bọ̀ 59, ti ẹ̀kẹta 46, ti ẹ̀kẹrin 35, ti ìkarùn-ún 27. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, náírà 1 lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún jẹ́ náírà 2.436 lónìí. Iye òní ni à ń pe ìyẹn. Tí a bá yọ owó tí a fi ra ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe sàn sí.

Mo ti ṣe àṣìṣe méjì kí n tó débẹ̀, Mọ́mì sì ti fà wọ́n yọ kíákíá. Mo yọ owó gbígbó ẹ̀rọ kúrò nínú owó ọdọọdún, bí a ṣe ń ṣe é nínú ìwé èrè àti àdánù. Ó ní mílíọ̀nù 150 ti jáde lápò wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ló dé tí mo tún ń mú un jáde lẹ́ẹ̀kejì? Èkejì wà nínú Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì. Mo kó owó tí a fi ra ẹ̀rọ àti owó tí ń wọlé pọ̀ sínú àmì akọmọ kan náà. Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì gbà pé ohun àkọ́kọ́ tí a bá fún òun yóò ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún kìn-ín-ní, ó sì gé owó tó ti jáde lónìí bí ẹni pé ọdún kan ṣì kù kó tó jáde. Ìta ni ó yẹ kí owó òní wà:

```
=NPV(0.3, B3:B7) + B2
```

B2 ni iye ẹ̀rọ, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń fi ìwé àti bírò ṣe ọdún kan ṣoṣo kí n tó gba ohun tí kọ̀ǹpútà wí gbọ́.

Nígbà tí mo tún un ṣe tán, tuntun ṣẹ́ kù mílíọ̀nù 45 lórí iye òní, tòkunbọ̀ ṣẹ́ kù 61. Tòkunbọ̀ fi mílíọ̀nù 16 borí. Mo kọ ọ́ sínú mẹ́mò pé kí a ra tòkunbọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Òun ni mẹ́mò tó padà wá pẹ̀lú ìbéèrè yẹn.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè yín ò yé mi.”

Ó na ìwé náà sí mi. “Mílíọ̀nù 80 tí o kọ sí ọdún kìn-ín-ní, o kọ 80 náà sí ọdún karùn-ún. Iye tí wọ́n ń ta kílò náílọ́ọ̀nù lónìí lo fi ṣe é, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Ṣé iye tí wọ́n máa tà á lọ́dún 2028 nìyẹn?”

Mo dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé e jáde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti dé ìdá 26.72 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án. Kò sí ọmọdé kan ní Ọ̀tà tó gbà pé náílọ́ọ̀nù yóò dúró lójú kan fún ọdún márùn-ún.

Ó ní, “Ó dáa. Kí ló dé tí báǹkì ń gba 30?”

Mo ní Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé èlé tirẹ̀ dé 18.75 láti oṣù Keje, àwọn báǹkì yòókù sì ń lé tiwọn lé e lórí. Ó ní kí n lọ jìn sí i. Kí ló dé tí Báǹkì Àpapọ̀ fi gbé e? Nítorí ọ̀wọ́ngógó. “Ọ̀wọ́ngógó ti wà nínú 30 yẹn, ọmọ mi. Ẹni tó yáwó fún ẹ mọ̀ pé náírà tó máa gbà padà á ti fúyẹ́, ó ti gba owó ìfúyẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ wá lo 30 tó ní ọ̀wọ́ngógó nínú láti gé náírà tí kò ní ọ̀wọ́ngógó nínú. O gé e lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo jókòó sílẹ̀ láìtọrọ àyè. Mo ti ka nǹkan yìí rí. Ó wà nínú ìwé tí mo fi ṣe ìdánwò, ìpínrọ̀ méjì péré, mo sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì jókòó sí mi lára bó ṣe jókòó ní ọ̀sán yẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe, ibì kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń já sí. Àkọ́kọ́, kí a jẹ́ kí owó ọdọọdún máa wú bí ọ̀wọ́ngógó ṣe ń wú, kí a wá fi 30 gé e. Èkejì, kí a fi owó sílẹ̀ ní náírà òní, kí a sì yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú èlé. Mọ́mì kò jẹ́ kí n lo 26.72 fún gbogbo ọdún márùn-ún, ó ní iye oṣù kan kọ́ ni iye ọdún márùn-ún. A jọ fẹnu kò lórí 20. Kì í ṣe pé a yọ 20 kúrò nínú 30 kó ku 10. A pín 1.30 sí 1.20, ó fún wa ní 1.083, èlé tó jẹ́ èlé gidi kò sì ju ìdá 8.3 lọ. Mo dán an wò lórí ọdún kìn-ín-ní kó lè dá mi lójú: 80 tó bá wú pẹ̀lú ìdá 20 á di 96. 96 tí a pín sí 1.3 jẹ́ 73.8. 80 tí a pín sí 1.083 náà jẹ́ 73.8. Wọ́n bá ara wọn mu.

Nígbà tí mo wá fi 8.3 ṣe ìṣirò náà, náírà 1 lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún kì í ṣe 2.436 mọ́, ó di 3.958. Iye òní ti tuntun, lẹ́yìn tí a yọ owó rẹ̀, jẹ́ mílíọ̀nù 166.6. Ti tòkunbọ̀ jẹ́ 155.4. Tuntun ló borí, pẹ̀lú mílíọ̀nù 11.2.

Ẹ̀rọ kò yí padà, iná kò yí padà, náílọ́ọ̀nù kò yí padà. Èmi ni mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí kò yẹ nítorí mo da náírà méjì pọ̀. Mo bi Mọ́mì bóyá orí ló ṣe é tí àṣìṣe náà fi gbè lẹ́yìn tòkunbọ̀. Ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ohun tí tòkunbọ̀ fún wa jẹ́ mílíọ̀nù 60 tí a kò ná, òní ló sì ti wà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè gé e. Ohun tí tuntun fún wa ń bọ̀ lọ́dọọdún, bí a bá sì ti gé ọjọ́ iwájú jù, òun ni à ń gé. Nílùú tí ọ̀wọ́ngógó bá ti ga, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe yìí á máa ra ẹ̀rọ tó pọ́kú títí láé, á sì máa fi ìwé gbè é.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mọ́mì ní ó ku kí n mì ín wò. Ọ̀rọ̀ tó máa ń lò nìyẹn, bí ẹni tó ń mi òpó kó tó fẹ̀yìn tì í.

Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa pé ká mì ín. Mo gbé owó iná sókè pẹ̀lú ìdá 10, mo gbé e wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 10. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún iye náílọ́ọ̀nù, fún róbà, fún ọjọ́ iṣẹ́. Mo ya tábìlì tó kún ojú ìwé kan. Ó wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún òun. Tí iye tí a ń ta náílọ́ọ̀nù bá já wálẹ̀, ẹ̀rọ méjèèjì ló máa fara gbá a bákan náà, nítorí kílò kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyẹn wúlò tó bá jẹ́ pé à ń bi ara wa bóyá ká ra ẹ̀rọ rárá. A ti dáhùn ìyẹn, mílíọ̀nù 155 kì í ṣe nǹkan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa gbé lọ. Ìbéèrè tó kù ni èwo nínú méjèèjì, ohun tó sì lè dáhùn rẹ̀ kò ju ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra lọ. Ó ní kí n pa tábìlì yẹn tì, kí n wá kọ ohun kan ṣoṣo fún òun lórí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan: ibo ló máa dé kí ọwọ́ wa tó yí padà sí èkejì?

Ìyẹn yí gbogbo iṣẹ́ náà padà lọ́wọ́ mi. Tuntun wọ́n ju tòkunbọ̀ lọ pẹ̀lú 60. Mo pín 60 sí 3.958, ó jẹ́ 15.2. Tí ohun tí tuntun fi ń borí lọ́dún bá já láti 18 wá sí 15.2, wọ́n dọ́gba. Mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ohun kọ̀ọ̀kan pé kí ló gbà kó tó lè já mílíọ̀nù 2.8 wálẹ̀. Owó iná ní láti já láti 68 wá sí 48. Mo bi Bàbá ẹlẹ́rọ bóyá ó ti rí ìgbà tí owó iná já wálẹ̀ rí, ojú lásán ló fi wò mí. Ti ọ̀wọ́ngógó, tí báǹkì bá dúró sórí 30, ó ní láti rọ̀ débi ìdá 13 fún gbogbo ọdún márùn-ún kí tòkunbọ̀ tó borí, bẹ́ẹ̀ sì ni tó bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èlé báǹkì náà kò ní dúró sí 30. Méjèèjì le bí àpáta.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dé orí dọ́là. Mílíọ̀nù 11.2 pín sí dọ́là 120,000 jẹ́ náírà 93. Ìyẹn ni pé bí dọ́là bá kúrò ní 1,000, tó dé 1,093, gbogbo èrè tuntun lórí tòkunbọ̀ ti tán, kí a má tiẹ̀ tíì sọ ti kọ́sítọ̀mù tó máa ń gùn tẹ̀ lé e. Tòkunbọ̀ ti wà ní Èkó, náírà ni wọ́n fi dá iye lé e, dọ́là kò kàn án. Náírà 93 péré. Láti oṣù Kẹfà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀, a ti rí ọ̀sẹ̀ tí dọ́là rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo kọ mẹ́mò náà lẹ́ẹ̀kẹta. Èyí àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé kan àtààbọ̀ lórí ìtàn ẹ̀rọ tó kú. Nínú èyí, ìlà àkọ́kọ́ sọ pé kí a ra tuntun. Ìlà kejì sọ pé ó fi mílíọ̀nù 11.2 sàn ju tòkunbọ̀ lọ ní iye òní, lórí ọdún márùn-ún. Ìlà kẹta ni Mọ́mì jókòó tì mí títí mo fi kọ ọ́ dáadáa: “Ìmọ̀ràn yìí dúró níwọ̀n ìgbà tí dọ́là kò bá kọjá náírà 1,093 kí a tó san owó. Bó bá kọjá, ẹ ra tòkunbọ̀.” Ìṣirò wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ohun tí mítà sọ níbi méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ kò ju ojú ìwé méjì lọ. Ọ̀gá Àgbà kà á níwájú wa, ó bi Bàbá ẹlẹ́rọ ní ìbéèrè kan lórí 0.5 àti 0.9, ó sì buwọ́ lù ú. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìdá 70 owó ẹ̀rọ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, lórí 1,000 náírà.

Mo ti ń sọ “kí a tó san owó” bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa san án. Ìdá 30 tó kù, dọ́là 36,000, di ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ wọkọ̀. Ó wọkọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí dọ́là ń sá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Náírà 1,500 la fi san ìyókù yẹn. Mílíọ̀nù 18 ló fi kún ohun tí mo kọ. Ẹ̀rọ kò tíì dé Apapa tí mílíọ̀nù 11.2 mi ti run, tó tún jẹ gbèsè nǹkan bíi 7 lé e. Tí a bá fi ìwé tèmi fúnra mi wò ó, tòkunbọ̀ ló yẹ kí a rà. Mo gbé ìwé ọ̀hún lọ bá Mọ́mì, mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo gbàgbé ìdá 30. Kò bá mi jà. Ó ní òun náà buwọ́ lù ú, òun náà kò rí i.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní Báǹdì A láti nǹkan bíi 68 lọ sí náírà 225 lórí yúnìtì kan. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n dín in kù sí 206.80. Yúnìtì 144,000 ni tuntun fi ń dín iná kù lọ́dún ju tòkunbọ̀ lọ. Lórí 206.80, ìyẹn fi mílíọ̀nù 20 kún ohun tí tuntun ń fi borí lọ́dọọdún. Ọdún kan péré ju 7 yẹn lọ dáadáa. Ọ̀gá Àgbà wá sí ẹ̀ka owó láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Inú mi kò lè dùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ìlà kan nínú mẹ́mò tó sọ pé iná lè di ìlọ́po mẹ́ta. Mo ti wá ibi tí iná máa já dé kó tó yí wa lọ́wọ́ padà, mi ò sì wo òkè rárá.

Mọ́mì kò jẹ́ kí n fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí kí ló dé tí iná fi gbówó lórí. Mo ní nítorí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ìrànwọ́ yẹn ń bò? Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná ń lò, iye dọ́là sì wà lára ohun tí àjọ náà fi ń ṣírò owó iná. Nígbà tí dọ́là fò, iye tí iná ń ná wọn fò pẹ̀lú rẹ̀, ìrànwọ́ ló kàn ń gbé e pamọ́ fún wa. Èmi mi dọ́là wò, mo ní kí iná dúró. Mo mi iná wò, mo ní kí dọ́là dúró. Ní Nàìjíríà, àwọn méjèèjì kì í dúró de ara wọn. Bí ọ̀kan bá ti ń lọ, èkejì á tẹ̀ lé e, ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ náà la jọ ya ohun tó yẹ kó wà nínú mẹ́mò. A fi dọ́là sí ìsàlẹ̀, a fi owó iná sí ẹ̀gbẹ́, a sì wá ibi tí ẹ̀rọ méjèèjì ti dọ́gba. Bí gbogbo dọ́là bá jẹ́ 1,000, iná ní láti kọjá 48 kí tuntun tó borí. Bó bá jẹ́ 1,500 la fi san gbogbo rẹ̀, mílíọ̀nù 60 ló máa fi kún iye tuntun, iná sì ní láti kọjá nǹkan bíi 154. A fa ìlà láti ojú àmì kan dé èkejì. Òkè ìlà ni tuntun, ìsàlẹ̀ ìlà ni tòkunbọ̀. Ẹni tó bá gbé ìka lé dọ́là òní àti iná òní yóò rí ìhà tó wà, yóò tún rí bó ṣe jìnnà sí ìlà tó. Ìlà kan ṣoṣo lórí bébà, ó sì sọ ju tábìlì tó kún ojú ìwé lọ, nítorí ó jẹ́ kí ohun méjì tó ń rìn pọ̀ rìn pọ̀ lójú ẹni. Lórí 1,500 àti 206.80, òkè ìlà la wà, pẹ̀lú àyè tó tó náírà 50.

Ìlà yẹn ṣì ní ibi tí kò dé. Kò mọ ọjọ́ tí owó máa jáde, ó sì gbà pé ọdún márùn-ún ni ẹ̀rọ máa lò bó ti wù kí dọ́là rí, nígbà tó jẹ́ pé bí páàtì bá wọ́n, àwọn èèyàn máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìtún un ṣe. Èyí ni mò ń wá ọ̀nà sí lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ kejì nínú mẹ́ta ti fẹ́ lọ báyìí. Ìyẹn ni mẹ́mò tó wà lórí tábìlì mi. Mo ti pín ọjọ́ ìsanwó sí mẹ́ta, dọ́là kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oṣù tirẹ̀. Òkè ìwé náà ni mo kọ “náírà òní” sí, kí n má baà gbàgbé. Ìlà àkọ́kọ́ kò tíì sí níbẹ̀. Bàbá ẹlẹ́rọ lọ ka mítà ní Sàgámù lánàá, ó ní ṣíìfù kan kò tó, òun máa padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.